Kì í ṣe ojú líle ló ń jẹ́ kí bùlọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ nínú póókà

Ní Ìkòròdú níbí, láti Sábó dé Ìgbógbó, ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń ta póókà, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: ẹni tójú ẹ̀ bá le ló mọ bùlọ́ọ̀fù, ìyẹn kéèyàn díbọ́n pé káàdì òun dáa kí ẹni tó kù lè ju tiẹ̀ nù. Wọ́n ní kéèyàn má rẹ́rìn-ín, kó kan da owó ńlá sílẹ̀, ẹni tó kù á bẹ̀rù, á ju káàdì ẹ̀ nù. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta á lórí fóònù kì í rójú ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń fi bùlọ́ọ̀fù gbowó lọ́wọ́ ara wọn. Káàdì tó wà nílẹ̀ fún gbogbo èèyàn àti bẹ́ ẹ ṣe ń fowó sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni alátakò tó gbọ́n ń wò.

Èyí kan ṣojú mi ní Ìgbógbó. Àwọn méjì tí owó kàn-ń-pá bá ti fi 100 àti 200 náírà sílẹ̀. Àbúrò kan tó jókòó síbi tó dáa jù, tó jẹ́ pé òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, gbé e dé 500. Ẹ̀gbọ́n tó fi 200 sílẹ̀ nìkan ló san án, owó àárín wá di 1,100. Káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde: 9 sípéèdì, 8 sípéèdì, 7 dáyámọ́ǹdì. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ni pé kò fowó kankan sílẹ̀, àbúrò náà ṣẹ́ẹ̀kì. Ìkẹrin jẹ́ 2 háàtì, àwọn méjèèjì tún ṣẹ́ẹ̀kì. Ìkarùn-ún jẹ́ Kíìnì kílọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì, ni àbúrò bá da 2,200 sílẹ̀, ó fajú ro.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Àbúrò, tó bá jẹ́ pé káàdì ẹ ti tò léra látòwúrọ̀, ṣé wàá jẹ́ kí n máa wá sípéèdì lọ́fẹ̀ẹ́? Tó bá sì jẹ́ Kíìnì lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, kí ló dé tó o fi fẹ́ lé mi lọ?” Ó san án pẹ̀lú 10 àti 9. Éèsì àti 5 lásán ló wà lọ́wọ́ àbúrò.

Ẹ wo ohun tí àbúrò rà fún ara ẹ̀: 2,200 láti gba 1,100. Ó di dandan kí ẹ̀gbọ́n ju káàdì nù ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta kí àbúrò tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ káàdì tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ló bá mu. Ẹni tó fi 200 sílẹ̀ tó kàn san owó tó kù ló sábà máa ń ní 9 àti 8, 8 àti 7, tàbí 6 àti 5. Ẹni tó gbé owó sókè ló ní Éèsì àti Kíìnì púpọ̀ jù. Ká ní Kíìnì, 7 àti 2 ló jáde, tí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, àbúrò ló bá mu nìyẹn. 400 péré ì bá tó, tí ẹ̀gbọ́n bá sì ti ju káàdì nù ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èrè ti dé.

Bí bùlọ́ọ̀fù gidi ṣe máa ń rí rèé. Ká tún ní 1,100 ló wà láàárín. Éèsì sípéèdì àti Kíìnì dáyámọ́ǹdì lẹ mú. Kuíìnì sípéèdì, 8 sípéèdì àti 3 dáyámọ́ǹdì jáde, ẹ fi 500 sílẹ̀, alátakò yín san án. Káàdì kẹrin, 5 háàtì, ẹ fi 1,400, ó san án. Owó ti di 4,900. Ìkarùn-ún wá jẹ́ 2 sípéèdì. Ẹ ò ní nǹkan kan, àmọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ì bá ṣe ta á ká ní sípéèdì méjì ló wà lọ́wọ́ yín, tí sípéèdì yín fi pé márùn-ún: owó yín ń ga díẹ̀díẹ̀, káàdì tẹ́ ẹ ń dúró dè sì ti dé. Éèsì sípéèdì tún wà lọ́dọ̀ yín, kò sẹ́ni tó lè ní sípéèdì tó ga jù. Ẹ fi 3,400 sílẹ̀. Tó bá jù ú nù ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ díẹ̀ nínú mẹ́wàá, ẹ ti jèrè. Ẹni tó mú Kuíìnì àti 10 á ronú púpọ̀ kó tó san án.

Èmi máa ń bi ara mi léèrè kí n tó fowó sílẹ̀: ká ní mo ní káàdì tó dáa lóòótọ́, ṣé bí mo ṣe máa ta á nìyí, àtiye owó tí màá fi sílẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, mo ṣẹ́ẹ̀kì, mo sì jẹ́ kówó náà lọ.

Àmọ́ ìtàn tí owó wa ń sọ yìí ò ṣiṣẹ́ níwájú ẹni tí kì í wo káàdì tó wà nílẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ní méjì tó jọra, wọ́n á san án dópin, ì báà ṣe sípéèdì mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Irú wọn, ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ní i, kẹ́ ẹ sì gba owó tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bó bá sì jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ dín bùlọ́ọ̀fù kù gidi, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀kan nínú wọn ti rí nǹkan mú.