Àwàdà Lásán Ni, Kí Ló Ń Dùn Ọ́?

Ìfẹ́ ayé ìsinsìnyí ti ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Kò tó mọ́ kí ọkọ ra búrẹ́dì wálé, kò sì tó kí ìyàwó bu ẹran tó tóbi jù fún un. Àfi kí ẹnì kan gbé fóònù sókè, kó tan fídíò, kó sì máa fi ẹnì kejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. "Ẹ wo iwájú orí ọkọ mi, ọkọ̀ òfuurufú lè balẹ̀ síbẹ̀!" "Ẹ wá wo ìrẹsì tí ìyàwó mi sè, bíríkìlà lè fi rẹ́ ilé!" Àwọn òǹwòran á da àwòrán ẹ̀rín elékún bo abẹ́ rẹ̀, wọn á ní ìfẹ́ wọn wu àwọn. Ẹni tí wọ́n ń bú náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá tún ṣe? Fóònù ti wà níwájú rẹ̀. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Bí o bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn, iṣẹ́ náà ò le. Kọ́kọ́ wá ohun tí ẹnì kejì rẹ ń bẹ̀rù jù nípa ara rẹ̀. Kò ní í pẹ́ tí wàá fi rí i, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ọ ní òru ọjọ́ kan tí ẹ fi orí kan ìrọ̀rí kan náà. Mú un jáde lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá wá kí yín, kí àbúrò ìyàwó náà wà níbẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Tún un sọ lọ́jọ́ kejì. Bí ojú rẹ̀ bá yí padà, má bẹ̀bẹ̀ o, gbólóhùn méjì péré ni kí o ní lápò: "Àwàdà lásán ni mo ń ṣe" àti "Ìwọ náà ti le jù." Èkejì yẹn dára gan-an ni. Ìwọ lo dá a lápá, òun ni yóò bẹ̀ ọ́ pé apá òun ló gbẹ.

Kì í kúkú ṣe pé Yorùbá ò mọ ẹ̀fẹ̀. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, eégún tó ń jẹ́ Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Orin yẹ̀yẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì í mọ ẹni ńlá. Síbẹ̀, kó tó fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà, ó ti júbà, ó ti kí àwọn ìyá wa tán. Nínú agboolé ńkọ́? Ìyàwó tuntun kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún méjì ni. Ó ní láti sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Ó rí ẹni tó dúdú, ó pè é ní Adúmáadán. Ó rí ẹni tó ga gàgàrà, ó ní Agùntáṣọọ́lò. Tẹ́ẹ́rẹ́ di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, eyín funfun di Eyínfúnjowó. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ohun tí ọ̀tá ì bá rí bú, òun náà ni ìyàwó rí, kò díbọ́n bí ẹni tí kò rí i, àmọ́ ó yí i dà tó fi jẹ́ pé ẹni tó ni ín á máa yan bí wọ́n bá pè é. Tiwa òde òní wá yí i padà sẹ́yìn. A rí Adúmáadán, a ní kó dúró níta kí iná má baà kú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn mọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ ti ń di aláwàdà. Ìyàwó kan gba láísẹ́ǹsì, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ fi rífáàsì wọ ọgbà, ọkọ dúró lẹ́nu géètì, ó kígbe pé, "Ẹ sá o, ìyá ti dé!" Ìyàwó rẹ́rìn-ín dénú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀ pé ìdarí ọ̀hún ò tíì dán. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ tún un sọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìgbà karùn-ún, ọmọ ti mọ̀ ọ́n sọ, mẹ́gáàdì ti mọ̀ ọ́n sọ, ó sì ti di "Obìnrin ò mọ mọ́tò wà" ní ibi ìsọmọlórúkọ. Ọkọ wá ṣàkíyèsí pé ìyàwó òun ti di ọlọ́wọ̀ lójijì: bí wọ́n bá ti fẹ́ jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ń na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó rò pé ó bọ̀wọ̀ fún òun ni. Rárá o, ó ti ṣíwọ́ ni.

Àmì méjì ló wà tí kì í tàsé. Ọ̀kan ni pé ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́: kò wa mọ́tò mọ́, kò kọrin ní báluwẹ̀ mọ́, kò wọ aṣọ yẹn mọ́. Èkejì ló burú jù, òun làwọn ènìyàn sì ń gbà sí ire: ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwàdà náà sí ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. "Èmi tí mi ò mọ mọ́tò wà yìí." Ọkọ á ní, "Ẹ ò rí i, òun náà ń fi ṣeré." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá ara rẹ̀ létí kí ìgbájú tìrẹ tó dé kọ́ ló ń ṣeré.

Kò wá túmọ̀ sí pé ọkọ náà burú. Ní ọdún 2006, Kruger, Gordon àti Kuban, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí irú eléyìí gan-an. Ohun tí wọ́n rí ni pé aláwàdà máa ń rò pé inú rere òun hàn sí ẹni tí òun ń ṣe àwàdà sí, bẹ́ẹ̀ kò hàn tó bó ti rò. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Ìwọ mọ ohun tó wà níkùn rẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan ló dé etí òun. Nítorí náà, inú rere náà ní láti jáde síta: kí ohùn fà bí orin, kí o sọ àsọdùn tí ọmọ kékeré á mọ̀ pé kò lè jẹ́ òótọ́, kí ọwọ́ rẹ wà léjìká rẹ̀. Ta ló wá fi gbogbo ìyẹn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù? Èdè tó jẹ́ pé ohùn ló fi ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, o tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì kankan sí i, o tún ń retí kí ó gbọ́ pé ẹ̀rín lo ń rín.

Ṣé kí ọkọ wá dákẹ́ nípa mọ́tò ni? Ó tì o. Ilé tí kò sí ẹ̀fẹ̀ a máa tutù bí ilé ẹjọ́. Kó kàn wò dáadáa ni. Ìyàwó yìí kan náà a máa fa àga síwájú títí àyà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdarí. Bí ewúrẹ́ bá dábùú ọ̀nà, á fun fèrè pẹ́ẹ́, á wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ewúrẹ́ ló ń bẹ̀ o! Èyí ni ibi tí ẹ̀fẹ̀ wà. "Obìnrin ò mọ mọ́tò wà," èèyàn lè sọ ọ́ sí obìnrin tí kò rí rí, agbèrò ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ "Ìyá Ewúrẹ́, ṣé wọ́n ti dárí jì ọ́?" kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè sọ ọ́, àfi ẹni tó jókòó tì í, tó ń wò ó, tí ohun tó rí sì dùn mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí kò lè ṣe. Èkejì ń sọ bó ṣe ń ṣe é. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń díwọ̀n wọn.

Àwọn ìyàwó náà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Tiyín wà lápò ọkùnrin. Nígbà tí owó oṣù ń wọlé, "Dáńgótè mi" dùn púpọ̀, bó bá ra súyà ọgọ́rùn-ún méjì náírà pàápàá, ẹ ti pè é ní Dáńgótè, ó sì ti rẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ wá ní kó máa lọ sílé. Ó ń jókòó sí pálọ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ kọjá, ẹ ní, "Dáńgótè, iná ti tán ní mítà o." Orúkọ ọjọ́sí ni, ohùn ọjọ́sí ni, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni báyìí. Ẹ̀fẹ̀ a máa bà bí ọbẹ̀ ilá. Èyí tó dára lánàá, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó bù ú lónìí. Ẹ sì fi ojú ara yín wo bó ṣe ń dá a padà: nínú ayò, bí ọ̀ta bá ta tán, òpè náà á ta. Bí ẹnì kan bá ń bú, tí ẹnì kejì sì fẹnu kan ìhanrun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré tí ilé dàrú, kì í ṣe ayò ni wọ́n ń ta níbẹ̀.

Ọkọ onímọ́tò wa ńkọ́? Àtúnṣe tirẹ̀ ò gùn. Kó pe àwàdà náà lórúkọ: "Ọ̀rọ̀ 'ẹ sá o' yẹn, mi ò sọ ọ́ mọ́. Mo rí i pé ó ń dùn ọ́." Kó dúró síbẹ̀. Bó bá ti fi "ṣùgbọ́n" kan sí i, ó ti ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́. Kó kìlọ̀ fún ọmọ àti mẹ́gáàdì níṣojú rẹ̀, torí níṣojú wọn ló ti sọ ọ́. Kó má bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín rẹpẹtẹ o, ìyìn òjijì tún dà bí yẹ̀yẹ́ mìíràn. Kó kàn na kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́jọ́ Sátidé, kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kó sì di ẹnu rẹ̀ mú títí ìyàwó yóò fi fi rífáàsì wọ ọgbà, bó bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta náà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìyàwó tó tún rẹ́rìn-ín nípa mọ́tò, òun ni yóò sì kọ́kọ́ rín in.

Bóyá lójú ọ̀nà ọjà ni. Ewúrẹ́ mẹ́ta á dábùú, á fun fèrè pẹ́ẹ́, á sì yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó di ẹnu mú bí ẹni tí ata sé lọ́fun: "Sọ ọ́ jàre, kó má pa ọ́."