Ásíìdì kọ́ ló ń dun itan yín lọ́jọ́ kejì

Ní Sátidé tó kọjá, níbi eré ìdárayá tí a máa ń ṣe ládùúgbò wa, màmá kan ń ráhùn pé láti Ọjọ́bọ̀ ni itan ti ń dun òun débi pé àtijókòó di ìṣòro. Kóòṣì wa kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. "Màmá, ásíìdì láátìkì ló dì sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi òróró ra á, á ṣàn dànù." Gbogbo èèyàn ń mirí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ásíìdì ọ̀hún ti ń wá. Tí glúkóòsì bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, inú omi kíki tó kún ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sáítópíláásìmù, ni wọ́n ti ń gé e. Kò tíì kan màìtòkọ́ńdríà, ilé iṣẹ́ kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ́síjìn jó oúnjẹ, rárá. Ìpele mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà, gláíkólísìsì lorúkọ rẹ̀. Bí òwò ló rí, ATP tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì sì ni owó rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ ná ATP méjì lórí glúkóòsì kan, tó bá yá á pa mẹ́rin, èrè rẹ̀ jẹ́ méjì. Nígbà tí iṣẹ́ bá fi parí, glúkóòsì oníkábọ́ọ̀nù mẹ́fà ti di páírúféètì méjì, NADH méjì sì ti jáde pẹ̀lú.

NADH yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Ẹ fi NAD+ wé alábàárù. Ní ìpele kẹfà ló ń gbé ẹrù, tó fi ń di NADH. Àwọn alábàárù yìí ò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Tí gbogbo wọn bá ru ẹrù tí wọn ò ríbi gbé e kalẹ̀ sí, ọjà dúró nìyẹn, ATP méjì yẹn náà ò ní wá mọ́. Tí ọ́síjìn bá tó, màìtòkọ́ńdríà ló ń gba ẹrù náà, òun náà ló sì ń gba páírúféètì wọlé láti jó o tán, èrè orí glúkóòsì kan á sì lè tó nǹkan bí 30 ATP. Ṣùgbọ́n tí eré bá le ju ohun tí màìtòkọ́ńdríà lè bá sáré lọ, páírúféètì fúnra rẹ̀ á gba ẹrù lórí NADH, á di láátéètì, ìyẹn ohun tí kóòṣì ń pè ní ásíìdì láátìkì. Ìpele yẹn kò mú ATP kankan wá. Ó kàn jẹ́ kí alábàárù bọ́ lábẹ́ ẹrù kó lè padà sí ìpele kẹfà ni. (Ìwúkàrà inú ẹmu náà níṣòro yìí. Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé ó ń sọ páírúféètì di ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń hó lẹ́nu ìgò.)

Mo ti ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbàgbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan sórí tábìlì láti àárọ̀ di ọ̀sán, nínú ìgò lásán. Nígbà tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò, ṣúgà rẹ̀ ti lọlẹ̀ gan-an. Ta ló jẹ ẹ́? Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ náà ni. Ìdí nìyẹn tí ìgò onídèérí aláwọ̀ eérú fi ní flúóráìdì nínú, tó ń dí ìpele kẹsàn-án gláíkólísìsì lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní màìtòkọ́ńdríà kankan. Gláíkólísìsì nìkan ló fi ń jẹun fún nǹkan bí 120 ọjọ́ tó fi ń gbé ayé, tọ̀sán-tòru ló sì ń da láátéètì sínú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ ṣe ń kà á yìí, ó ń ṣe é. Ibo ló ń dùn yín?

Láátéètì tí eré sísá mú wá náà kì í dì síbì kan. Ọkàn ń fi í ṣe oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ ń dá a padà sí glúkóòsì, láàárín wákàtí kan sí méjì ẹ̀jẹ̀ á ti padà sí bó ṣe wà. Ìrora tiyín ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló ń le jù. Ní 1983, àwọn kan tẹ̀ jáde pé àwọn ní kí èèyàn sáré ìṣẹ́jú 45 lórí ilẹ̀ títẹ́, lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Orí ilẹ̀ títẹ́ ni láátéètì ti gòkè, kò sì sí ìrora lẹ́yìn rẹ̀. Níbi gẹ̀rẹ́, láátéètì ò gòkè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Iṣan tí ń nà nígbà tó ń gbé ara dúró ló ń fara pa wẹ́wẹ́, tó ń wú. Ó dáa, mo gbà pé wọn ò tíì jiyàn tán lórí ohun tó ń fa títa tó ń wáyé nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ti ọjọ́ kejì kọ́ nìyẹn.

Mo bi màmá yẹn léèrè ohun tí wọ́n ṣe ní Ọjọ́rú. Wọ́n ní àwọn mú àlejò gun Àpáta Olúmọ ni, àti pé gígùn ún ló le jù, àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí. Mo ní ẹ má dá gígùn un lẹ́bi, nígbà tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ ni ẹ pa itan lára. Kóòṣì ti lọ wá òróró.