Ẹ kọ ìbéèrè ìgbéléwọ̀n ná, kẹ́ ẹ tó ro nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe ní kíláàsì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtilọ ṣe tíìpíì, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, lórí lẹ́sìn nóòtì àkọ́kọ́ yẹn, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má kọ ọ́ tẹ̀lé bí wọ́n ṣe tò ó sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ èròńgbà tán, ẹ fò lọ sí ìgbéléwọ̀n, ẹ kọ ìbéèrè tẹ́ ẹ máa fi parí iṣẹ́, lẹ́yìn náà lẹ máa wá ro nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe láàárín.

Ẹ jẹ́ ká mú ìṣirò pírámárì fọ́ọ̀, àròpọ̀ ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn bára mu. Ọ̀pọ̀ yín ló máa kọ èròńgbà ẹ̀ pé "akẹ́kọ̀ọ́ á lóye ìdá". Òye kẹ̀? Ibo lẹ ti fẹ́ rí i? Ẹ kọ nǹkan tójú lè rí: ọmọ á ṣe àròpọ̀ ìdá méjì, á sì fi àwòrán ṣàlàyé ìdí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ò fi yí padà. Méjì yẹn ti tó fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ó yá, ìbéèrè. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ máa ń ṣe jù níbẹ̀ ni kí wọ́n ro òkè mọ́ òkè kí wọ́n tún ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ni 1/4 + 2/4 á bá di 3/8. Torí náà ìbéèrè kìíní lè jẹ́ 2/5 + 1/5, èkejì á wá jẹ́: "Ọmọ kan sọ pé 1/2 + 1/2 jẹ́ 2/4. Ṣé òótọ́ ni? Ya àwòrán ẹ." Ọmọ tó bá yà á dáadáa á rí i pé 2/4 ò ju ààbọ̀ lọ, ààbọ̀ méjì ò sì lè para pọ̀ kó tún jẹ́ ààbọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ní ìbéèrè yẹn lọ́wọ́, iṣẹ́ kíláàsì ti fara hàn nìyẹn. Ẹ ti gé pépà sílẹ̀ látilé, torí pípín in nìkan lè jẹ àkókò yín tán, tí kíláàsì bá kún kí ọmọ méjì lo ẹyọ kan. Wọ́n á ká a sí méjì, wọ́n á tún ká a sí méjì, wọ́n á ṣí i, ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kùn ún o, torí tí ọ̀nà mẹ́rin yẹn ò bá dọ́gba, kì í ṣe ìdá mẹ́rin mọ́. Kí wọ́n kun ọ̀kan, kí wọ́n tún kun méjì, kẹ́ ẹ wá béèrè: mélòó la ti kùn? Ọ̀nà mélòó ni pépà yìí? Ẹ jẹ́ kí ẹnu wọn fúnra wọn sọ ọ́ pé mẹ́ta nínú mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó kọ nǹkankan sí bọ́ọ̀dù.

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ nígbẹ̀yìn fún ìgbéléwọ̀n. "Ṣé ó yé yín?" kì í ṣe ìgbéléwọ̀n rárá, gbogbo kíláàsì ló máa pariwo pé ó yé àwọn. Kí kálukú kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, kẹ́ ẹ máa rìn láàárín wọn, kẹ́ ẹ máa wo àwòrán ìbéèrè kejì yẹn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ gbà pé 2/4 tọ̀nà, ẹ má tíì sún lọ síbi ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀, pépà lẹ tún máa fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tó kàn.