"Iṣẹ́ èyíkéyìí ni mo lè ṣe, mà"

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ l'Ékòó, kò sí gbólóhùn tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ń fi ránṣẹ́ sí mi tó èyí. Wọ́n gbà pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, àti pé ẹni tí kò bá ṣa iṣẹ́ ló ń tètè rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Tó o bá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ó lè ṣiṣẹ́, torí ó mọ̀ ọ́, yóò sì máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ kiri lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́. Mi ò sì ní iṣẹ́ kankan nílé tí mo fẹ́ fi tọrẹ. Iléeṣẹ́ ló ń sọ ohun tó fẹ́ fún mi: akọ̀wé owó kan, ní Ìkẹjà, tó lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Orúkọ iṣẹ́ àti orúkọ ìlú ni mo máa ń tẹ̀ sórí fóònù láti wá ẹni tó ti kọ̀wé sí mi rí. "Iṣẹ́ èyíkéyìí" kì í jáde.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan, ọmọbìnrin kan fi èyí ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ìṣirò owó ni mo kà. Àgùnbánirọ̀ ni mí n'Íbàdàn, oṣù kọkànlá ni màá parí. Níbi tí wọ́n fi mí sí, èmi ni mò ń fi àkọsílẹ̀ owó wọn wé ti báǹkì lóṣooṣù, lórí Excel. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iléeṣẹ́ kan ń wá akọ̀wé owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó? Tí kò bá sí, ìgbà wo ni mo lè tún béèrè?"

Kí ló kù tí mo fẹ́ mọ̀? Oṣù kọkànlá yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni kì í gba ẹni tí kò tíì ní ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́. Ó sì kí mi, ó jẹ́ṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn á kọ "ẹ káàárọ̀ mà", wọ́n á wá dákẹ́ títí màá fi dáhùn, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nílé, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Lórí Wásáàpù, ìkíni náà á ti rì sábẹ́ ogójì mìíràn kó tó di ọ̀sán.

Mo ní kó fi síífíì rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ń sọ ìyẹn fún gbogbo èèyàn, ẹ má tìtorí ẹ̀ yọ̀ jù. Tí mo bá bi yín pé níbo lẹ̀ ń gbé, tàbí ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé iṣẹ́ kan wà lọ́kàn mi.

Kò sí nǹkan fún un lọ́jọ́ náà. Lóṣù kẹwàá, iléeṣẹ́ kan n'Íbàdàn béèrè akọ̀wé owó. Mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ jáde, mo sì pè é láti bi í bóyá oṣù kọkànlá yẹn kò tíì yẹ̀.