Ara Tó Tutù Lẹ́yìn Ibà Lè Jẹ́ Ara Tí Agbára Ti Tán Nínú Rẹ̀

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí nọ́ọ̀sì bí èmi máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó gbé aláìsàn wá: "Lánàá ara rẹ̀ gbóná bí iná, ṣùgbọ́n ní ìdájí òní ó tutù, ó sì ń sùn. A rò pé ibà ti fi í sílẹ̀ ni." Wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, torí ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ láti kékeré ni pé bí ara bá ti tutù, àìsàn ti ń lọ nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé wá. Ẹni tí ẹ̀fọn fún ní ibà á gbọ̀n, ara rẹ̀ á gbóná, òógùn á bò ó, ara á wá tutù wọ̀ọ̀, á sì ní òun fẹ́ jẹun. Níbi ibà ẹ̀fọn tí kò le, ìtùnú gidi ni. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a mú òfin ibà ẹ̀fọn, a fi de gbogbo àìsàn mìíràn. Àìsàn kan wà tí ara máa ń tutù nínú rẹ̀ nítorí pé ara kò lè jà mọ́. Sẹ́písíìsì ni àwọn dókítà ń pè é.

Kòkòrò àrùn máa ń wọ ara láti ojú kan: ọgbẹ́, ẹ̀dọ̀fóró, ilé ìtọ̀, tàbí ilé ọmọ lẹ́yìn ìbímọ. Ara á dìde láti bá a jà níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà á sì borí. Nínú sẹ́písíìsì, ìjà náà á kúrò lójú ọgbẹ́, á tàn ká gbogbo ara, á wá máa ba àwọn ẹ̀yà ara tí kò ní kòkòrò kankan nínú jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi yí ìtumọ̀ àìsàn náà padà ní ọdún 2016. Wọn kò fi gbígbóná ara díwọ̀n rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé àkóràn wà, ṣé ẹ̀yà ara kan sì ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tí ara gbà ń bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Olúwo. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, mo kó o jọ láti ara irú àwọn aláìsàn tí à ń rí ni. Ẹni ọdún 58 ni, ó wọn 60 kílò, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gún òbòkún gún un lọ́wọ́ níbi tó ti ń ṣa ẹja. Ó fi omi ṣan án, ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ wú dé ọrùn ọwọ́, ara gbóná dé 39.1. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà fún un ní kẹ́míìsì, ìlà méjì yọ, wọ́n fún un ní oògùn ibà àti pàrásítámọ̀. (Ìlà méjì yẹn tún máa ń tan ni jẹ. Lágbègbè wa, àgbàlagbà lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kó má jẹ́ òun ló dá a dùbúlẹ̀.) Ní ọjọ́rú, ara ṣì gbóná, àgbo wọlé. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ara tutù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fọwọ́ kàn án níwájú orí, ó dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n má jí Màmá.

Ká ní nọ́ọ̀sì wà nílé yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tó máa kọ sílẹ̀ nìyí: ara 35.6, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 88 lórí 50, ọkàn ń lù nígbà 124 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń mí nígbà 28. Kò tíì tọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná. Nígbà tí wọ́n jí i, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi ń pe ọmọ rẹ̀. Oorun kọ́ ni ìyá yìí ń sùn. Ọpọlọ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kò tó mọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀? Àwọn kẹ́míkà tí ara tú jáde láti fi bá kòkòrò jà mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ara wọn sì máa jò, omi inú ẹ̀jẹ̀ ń sun bọ́ sínú ẹran ara. Ẹ rò ó bí ilé tí páìpù omi rẹ̀ ti lu káàkiri: táńkì lè má gbẹ, ṣùgbọ́n omi ò ní lágbára láti dé ẹ̀rọ tó jìnnà. Kíndìnrín a máa tètè mọ̀ ọ́n lára, torí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ fi agbára wọ inú rẹ̀ kó tó lè sẹ́ ìtọ̀. Bí ìfúnpá bá ti já wálẹ̀, ìtọ̀ á dín kù. Ní àkókò kan náà, ẹ̀jẹ̀ á máa dì ní kéékèèké nínú àwọn iṣan tín-ín-rín, ọ́síjìn kò sì ní dé ibi tó yẹ. Ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ásíìdì jáde, ẹ̀dọ̀fóró á sì máa mí kíá-kíá láti lé e jáde. Èémí tó ń sáré yẹn kò fi dandan túmọ̀ sí pé àyà ń dùn ún.

Ara tutù nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò ní awọ, ó lọ gba ọkàn àti ọpọlọ là, àti nítorí pé ara kò rí agbára tó ń dá ooru mọ́. Pàrásítámọ̀ náà a máa rọ ooru wálẹ̀, kò sì kan kòkòrò rárá. Láàárín àwọn tí sẹ́písíìsì mú, àwọn tí ara wọn tutù ń kú ju àwọn tí ara wọn gbóná lọ. Arúgbó, ọmọ tuntun àti ẹni tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀ tilẹ̀ lè má gbóná rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkókó tó tutù, tó sì kọ ọmú, ilé ìwòsàn ni kó lọ lójú ẹsẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ara tó tutù torí pé ó yá yàtọ̀ sí èyí tó tutù torí pé ó ń kú lọ? Ẹ kúrò níwájú orí. Ẹ wo àyà aláìsàn nígbà tó bá sinmi, kí ẹ fi fóònù ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà máa ń mí láàárín ìgbà 12 sí 20. Bó bá ti di 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ń sọ nǹkan. Ẹ béèrè ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì já gaara bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kó tó padà, kò dára. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ètè, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ ti máa rí bí àwọ̀ ṣe ń ṣá, ẹ má wò ó lójú. Ẹni tí ibà fi sílẹ̀ lóòótọ́ á mí wọ́ọ́rọ́wọ́, á tọ̀, á sọ̀rọ̀ já gaara, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Bí ìyá yìí bá dé ilé ìwòsàn, wákàtí àkọ́kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. A ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò kí oògùn tó wọlé, ṣùgbọ́n bí igò àyẹ̀wò kò bá sí nítòsí, oògùn kò gbọ́dọ̀ dúró dè é. Oògùn apakòkòrò á gba inú iṣan wọlé láàárín wákàtí kan. A ó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, torí ṣúgà tó já wálẹ̀ náà máa ń mú èèyàn sọ ìsọkúsọ. Ohun kan tí ìdílé lè ṣe níbí ni láti sọ pé ẹ̀gún ẹja ọ̀sà ló gún un. Kòkòrò inú omi tó níyọ̀ díẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọgbẹ́ ilé, ó sì lè gba kí dókítà fi oògùn mìíràn kún èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni omi tí à ń fà sínú iṣan. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni 30 mìlílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta. Fún ẹni 60 kílò, ó jẹ́ 1,800 mìlílítà, ìyẹn àpò omi 500 mẹ́ta àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀ ìkẹrin. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí àwọn kan gbà pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni aláìsàn ṣe máa yá tó. Ìwádìí lórí àwọn ọmọdé ní Kẹ́ńyà, Tansaníà àti Ùgáńdà, tó jáde ní 2011, fi hàn pé àwọn tí wọ́n rọ́ omi sí lára kíákíá kú ju àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ. Òmíràn lórí àwọn àgbàlagbà ní Sáńbíà ní 2017 rí nǹkan tó jọ ọ́. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, omi tó ń jò láti inú iṣan lè kún ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, lẹ́yìn àpò kọ̀ọ̀kan, a ó tún ka èémí, a ó gbọ́ àyà, a ó wọn ìfúnpá. Bí ìfúnpá kò bá dìde, noradirẹnalíìnì, oògùn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ló kàn, kì í ṣe àpò karùn-ún.

A ó fi rọ́bà sí ojú ìtọ̀, ká lè máa ka ohun tó ń jáde. Fún ìyá yìí, ó yẹ kó tó 30 mìlílítà ní wákàtí kan. Dókítà oníṣẹ́ abẹ sì gbọ́dọ̀ wo ọwọ́ yẹn lọ́jọ́ náà gan-an, torí bí ọyún bá wà nínú rẹ̀, oògùn nìkan kò ní kápá rẹ̀ àfi bí wọ́n bá là á.

Àwa òṣìṣẹ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbọ́ yìí. Ní wọ́ọ̀dù, wọ́n lè kọ 35.8 sínú ìwé, kí wọ́n sì kọ "kò níbà" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tí èémí 26 wà lórí ìlà kejì tí ẹnikẹ́ni ò wò. Ìdílé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé èémí Màmá jẹ́ mélòó, àti pé ìtọ̀ wọn ti tó mélòó láti àárọ̀.

Tí ẹ bá sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ má sọ pé ibà ló ń ṣe wọ́n. Ẹni tó wà nídìí kádì á ní kí ẹ jókòó de àwọn tó ti wà níwájú yín. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ Ajé, ara wọn ti tutù, wọ́n ń mí kíákíá, wọn ò tíì tọ̀ láti àná, ọ̀rọ̀ wọn ò sì já gaara mọ́. Ṣé kì í ṣe sẹ́písíìsì?"