Kì í ṣe omi tó pọ̀ lókè ló ń sọ òjò kalẹ̀

Mo tún gbọ́ ọ lórí rédíò láìpẹ́ yìí pé oòrùn ló ń fa omi odò àti ọ̀sà sókè, pé bí omi náà bá ti pọ̀ jù lókè ni yóò ya sílẹ̀, àti pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tí omi òkè bá tán. Àlàyé yìí ti sú mi, nítorí pé ojú ọjọ́ Èkó fúnra rẹ̀ ń já a nírọ́ lọ́dọọdún.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni mò ń gbé. Ní oṣù kẹjọ, aṣọ tí a sá kì í gbẹ, iyọ̀ a máa domi nínú agolo, ìkùukùu a sì máa bo oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Omi kún inú afẹ́fẹ́ bámúbámú, síbẹ̀ òjò oṣù náà kì í sábà tó ìdajì ti oṣù kẹfà.

Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ olómi gbọ́dọ̀ gòkè dáadáa kí òjò tó wà. Bó ti ń gòkè ni yóò máa tutù, títí oru omi inú rẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ eruku àti iyọ̀ òkun, tí yóò sì di ẹ̀kán ìkùukùu. Àwọn ẹ̀kán yìí kéré débi pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn ló ń para pọ̀ di ẹ̀kán òjò kan, ìkùukùu tó ga ló sì máa ń rọrùn fún wọn láti para pọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà àti agbègbè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi yìí kọjá kì í lágbára láti gòkè mọ́, ìkùukùu rẹ̀ a sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Iṣẹ́ tí oòrùn ń ṣe gan-an ni pé ó ń mú ilẹ̀ Sàhárà gbóná, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ òkun wọlé láti gúúsù. Ibi tí afẹ́fẹ́ yìí ti ń pàdé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò jìnnà sí etíkun wa ní oṣù kìíní, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ, ó ti ré kọjá Kánò lọ sí àríwá. Òjò kì í pọ̀ níbi ìpàdé náà, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun fẹ́lẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ ọyẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí gúúsù rẹ̀ ni òjò gidi wà. Ìdí nìyí tí ooru fi ń mú wa làágùn l'Ékòó ní oṣù kìíní tí òjò kò sì rọ̀. Òun náà ló fà á tí Kánò fi ní ìgbà òjò kan ṣoṣo, nígbà tí tiwa pín sí méjì: òjò máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá sókè, a tún máa gba ọ̀dọ̀ wa padà ní oṣù kẹsàn-án.

Mo gbà pé oru omi láti inú igbó máa ń kún òjò wa díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì rò pé omi tó wà nítòsí ló ń pinnu òjò, kí ó wo Lomé, tó wà létí òkun kan náà pẹ̀lú Èkó, tí òjò rẹ̀ lọ́dún kò sì ju nǹkan bí ìdajì tiwa lọ.