Yíyí ọwọ́ aago sẹ́yìn kọ́ ni ó ń ba aago oníwáìnì jẹ́

Nínú iṣẹ́ àtúnṣe aago tí mo ń ṣe ní Iléṣà, kò sí ìkìlọ̀ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà tó èyí: "Ẹ má yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn o, yóò bàjẹ́." Àwọn àgbà ń sọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ra àlòkù aago ní ọjà Atákúnmọ́sà náà sì ń sọ ọ́. Àwọn mìíràn gbà á gbọ́ débi pé bí aago wọn bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sáré ju bí ó ti yẹ lọ, wọn yóò yí i síwájú fún wákàtí mẹ́tàlélógún ó lé kí wọ́n tó lè bá àkókò mu. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń yí déètì aago wọn ní aago 11 alẹ́ láìbẹ̀rù rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ìkìlọ̀ náà kò ṣàdédé wáyé. Aago ogiri tí ń lù ni ó tọ́ sí, irú èyí tí a ṣì lè rí ní pálọ̀ ilé àwọn òṣómàáló àtijọ́, tí irin rẹ̀ ń fì lábẹ́, tí ó sì ń lu iye wákàtí tí ó bá pé. Nínú irú aago bẹ́ẹ̀, irin kan wà tí ọwọ́ ńlá ń gbé sókè bí wákàtí bá ti fẹ́ pé, láti mú kí òòlù lù. Bí a bá fi ipá yí ọwọ́ ńlá náà sẹ́yìn, irin yìí lè wọ́, tàbí kí iye tí aago ń lù má bá ojú rẹ̀ mu mọ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá na ìka ìkìlọ̀ sí i nídìí irú aago bẹ́ẹ̀ yóò gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ aago ọwọ́, ṣùgbọ́n aago ọwọ́ tí a ń sọ kì í lù.

Ohun tí ó wà nínú aago ọwọ́ ni páìpù kékeré kan tí ọwọ́ ńlá jókòó lé. A kò so páìpù yìí pọ̀ mọ́ ọ̀pá tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣe ni a tẹ̀ ẹ́ wọ̀ ọ́ kí ó fún díẹ̀. Nígbà tí aago bá ń ṣiṣẹ́ lọ, ọ̀pá náà ń gbé páìpù yí pọ̀ mọ́ra rẹ̀. Nígbà tí a bá fa nọ́ọ̀bù jáde tí a sì yí i, páìpù náà yóò yọ̀ yí ọ̀pá ká, ìyókù ẹ́ńjìnnì kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Yíyọ̀ yìí kò yàtọ̀ bí a bá yí i síwájú tàbí sẹ́yìn. Nínú àwọn aago kan tí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá wọn kì í dúró nígbà tí a bá fa nọ́ọ̀bù, ẹ lè rí i tí ọwọ́ náà dúró díẹ̀ tàbí kí ó tilẹ̀ rìn sẹ́yìn bí ẹ ti ń yí aago sẹ́yìn. Ìyẹn túmọ̀ sí pé páìpù náà fún jù tàbí pé ọ́ìlì rẹ̀ ti gbẹ. Kò túmọ̀ sí pé ohun kan ti kán.

Ẹ̀rí tí ó dá mi lójú jù ni ti àwọn aago àtijọ́ tí wọ́n ní déètì ṣùgbọ́n tí a kò ṣe ọ̀nà kíákíá tí a lè fi yí déètì náà sí wọn lára. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ọ̀nà tí a fi ń sún déètì síwájú ni pé kí a yí ọwọ́ aago kọjá 12 òru, kí a dá a padà sí nǹkan bí aago 8 tàbí 9 alẹ́, kí a tún yí i kọjá 12, bẹ́ẹ̀ títí tí déètì yóò fi pé. Ẹni tí ó ṣe irú aago bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé a óò máa yí i sẹ́yìn.

Ewu gidi wà níbi òrùka déètì. Òrùka yìí ní eyín 31, kẹ̀kẹ́ kan tí ń yí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24 sì ní ìka kékeré kan tí ń ti eyín kan síwájú ní òru. Nínú ọ̀pọ̀ aago, ìka náà ti wọ àárín eyín méjì láti nǹkan bí aago 9 alẹ́, kò sì ní jáde pátápátá títí di aago 3 tàbí 4 ìdájí, pàápàá bí aago náà bá ń fi orúkọ ọjọ́ hàn pẹ̀lú. Bí a bá wá fa nọ́ọ̀bù sí ipò déètì ní àkókò yìí tí a sì yí i, a ń fi ipá ti eyín òrùka lu ìka tí kò níbi tí yóò yà sí. Ìka náà lè tẹ̀ tàbí kí ó kán. Òótọ́ ni pé a ti ṣe àwọn aago kan kí ìka wọn lè yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí i láti òde.

Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì gbé aago rẹ̀ wá fún mi lọ́dún tí ó kọjá. Àkókò pé, ṣùgbọ́n déètì kò yí mọ́ ní òru, bẹ́ẹ̀ ó ń yí dáadáa bí a bá fi nọ́ọ̀bù yí i. Kí n tó ṣí i ni mo ti mọ̀ pé ìka ni. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni déètì ti ń dúró lóṣooṣù, eyín òrùka kan ni ǹ bá fura sí. Ó sọ fún mi pé òun yí i ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù, kí òun tó sùn, nítorí pé oṣù tí ó parí kò pé ọjọ́ 31. Oṣù márùn-ún ni ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣe àtúnṣe wọn lálẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Bí aago yín bá ti dúró, ẹ wo ọ̀nà tí mo ń gbà. Ká ní ojú rẹ̀ fi 10:40 hàn, déètì rẹ̀ sì jẹ́ 27, nígbà tí òní jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹta, tí aago sì ti lu 4 ìrọ̀lẹ́. A kò mọ̀ bóyá 10:40 náà jẹ́ àárọ̀ tàbí alẹ́, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan déètì ní àkọ́kọ́. Ẹ wáìnì aago náà, kí ẹ fa nọ́ọ̀bù dé òpin, kí ẹ sì yí ọwọ́ síwájú títí déètì yóò fi di 28. Níbẹ̀ ni ẹ mọ̀ pé òru ti kọjá. Ẹ máa yí i lọ dé aago 6, ìyẹn 6 àárọ̀, ìka náà kò sí nínú eyín mọ́. Ẹ wá ti nọ́ọ̀bù sí ipò déètì, kí ẹ yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹfà: 29, 30, 31, 1, 2, 3. Ẹ dúró sí 3, ìyẹn ọjọ́ àná. Ẹ padà sí ipò àkókò, ẹ yí ọwọ́ síwájú kọjá òru, kí aago fúnra rẹ̀ yí déètì sí 4, kí ẹ sì kọjá 12 ọ̀sán, tí déètì kò ní yí níbẹ̀, títí dé aago 4. Báyìí, àárọ̀ àti alẹ́ kò ní pààrọ̀ sí ara wọn.

Yàtọ̀ sí àwọn aago àtijọ́ tí mo mẹ́nu kàn lókè, èmi náà kì í yí ọwọ́ aago sẹ́yìn láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 4 ìdájí, nítorí ìka kan náà. Bákan náà ni mo ń yàgò fún un pátápátá lórí aago oníkàlẹ́ńdà tí ó mọ gígùn oṣù fúnra rẹ̀ àti aago ọwọ́ oníàláàmù, àyàfi bí ìwé tí ó bá a wá bá gbà á láàyè. Ní ti aago lásán tí ó sáré ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ní ọ̀sán gangan, ẹ yí ọwọ́ ńlá sẹ́yìn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí ẹ sì gbé e síwájú díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí ó yẹ. Àlàfo tí ó wà láàárín eyín àwọn kẹ̀kẹ́ yóò ti dí kí ẹ tó ti nọ́ọ̀bù wọlé, ọwọ́ náà kò sì ní dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn.